Bí a ṣe ń fi òdo inú mátíríìsì Láplásì ka iye agbo tó wà nínú gíráàfù

Gíráàfù kò ju kókó àti okùn lọ. Kókó lè jẹ́ ìlú, kọ̀ǹpútà tàbí èèyàn. Okùn ni ohun tó so méjì nínú wọn pọ̀. Àwọn kókó tí a lè ti ọ̀kan dé òmíràn, bó ti wù kí ọ̀nà náà lọ́ tó, agbo kan ni wọ́n. Kókó tí okùn kankan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun nìkan ni agbo tirẹ̀. Bí kókó bá jẹ́ márùn-ún, ojú lásán tó láti ka agbo. Bí wọ́n bá di ẹgbẹ̀rún, a nílò ìṣirò, èyí tí mo sì fẹ́ tọ́ yín sọ́nà nínú rẹ̀ rèé: a ó kọ mátíríìsì kan, a ó wá àwọn iye áígẹ̀n rẹ̀, a ó sì ka mélòó nínú wọn ló jẹ́ òdo. Iye òdo yẹn ni iye agbo, kò lé, kò dín.

Ẹ kọ́kọ́ ya gíráàfù náà

Èkó ni mo fẹ́ lò, torí afárá ló so ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ márùn-ún: Mènlándì (M), Erékùṣù Èkó (E), Ìkòyí (K), Fíktóríà Áílándì pẹ̀lú Lẹ́kkí (V), àti Tákwà Béè (T). Mo ka Fíktóríà Áílándì àti Lẹ́kkí sí ẹyọ kan nítorí pé wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra.

Òfin wa ni pé okùn wà láàárín ilẹ̀ méjì bí mọ́tò bá lè gba títì tàbí afárá láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì tààrà. M so mọ́ E: afárá Kátà ti Ìdó wá, afárá Èkó ti Ìjọra wá, Tẹ́ẹ̀dì Mènlándì sì ti Òwòrònṣòkí wá. Mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n okùn kan ṣoṣo la ó kà wọ́n sí ná. E so mọ́ K níhà Ọbaléndé. E so mọ́ V pẹ̀lú afárá tó ti Màrínà kọjá. K so mọ́ V pẹ̀lú afárá Fálọmọ àti èyí tí wọ́n ṣí ní 2013 láàárín Ìkòyí àti Lẹ́kkí. Okùn karùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: V so mọ́ M, torí ẹni tó bá ní sùúrù lè gba Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́, kó yí gba ibẹ̀ bọ́ sí Ìkòròdú láìgun afárá kankan tó wọ Erékùṣù Èkó. Tákwà Béè kò ní títì tó lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀.

Ẹni tó mọ Èkó ju báyìí lọ lè fẹ́ fi okùn kan tàbí méjì kún un. Kò burú. Okùn tuntun láàárín àwọn tó ti wà nínú agbo kan náà kì í yí iye agbo padà.

Ẹ kọ mátíríìsì náà

Ẹ to àwọn ilẹ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ, ẹ má sì yí ètò yẹn padà mọ́ títí iṣẹ́ fi parí: M, E, K, V, T. Ìlà kan àti òpó kan ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìlà ilẹ̀ kan ti pàdé òpó ara rẹ̀, ẹ kọ iye okùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbi tí ìlà ilẹ̀ kan ti pàdé òpó ilẹ̀ mìíràn, ẹ kọ −1 bí okùn bá wà láàárín wọn, kí ẹ sì kọ 0 bí kò bá sí. Ohun tí a ó rí nìyí:

```
      M   E   K   V   T
M     2  -1   0  -1   0
E    -1   3  -1  -1   0
K     0  -1   2  -1   0
V    -1  -1  -1   3   0
T     0   0   0   0   0
```

Mátíríìsì Láplásì rèé. L la máa ń pè é. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Ẹ ro ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀: òdo ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ já sí. Ẹ wo bóyá ohun tó wà ní ìlà E lábẹ́ òpó K bá ohun tó wà ní ìlà K lábẹ́ òpó E mu, bẹ́ẹ̀ náà fún gbogbo méjì-méjì yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ ro àwọn nọ́ńbà tó dábùú láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: 2 + 3 + 2 + 3 + 0 jẹ́ 10, ìlọ́po méjì okùn márùn-ún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọ̀, okùn kan ti sọnù tàbí a ti kọ ọ́ sápá kan ṣoṣo.

Ìlà T tó jẹ́ kìkì òdo máa ń ṣe àwọn kan bí ohun tí kò wúlò, wọ́n á sì pa á rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Agbo kan gan-an lẹ máa pa rẹ́.

Kí ni òdo yẹn ń sọ?

Ká ní a fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan: m, e, k, v, t. Àkójọ nọ́ńbà yìí là ń pè ní fẹ́kítọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní x. Bí a bá fi L sọ x di púpọ̀, tí èsì rẹ̀ jẹ́ x náà tí a kàn fi nọ́ńbà kan ṣe ìlọ́po rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni iye áígẹ̀n. (Fẹ́kítọ̀ tó jẹ́ òdo látòkè délẹ̀ kò sí nínú ìdíje.) Nítorí náà, iye áígẹ̀n tó jẹ́ òdo túmọ̀ sí pé a rí x kan tí L sọ di òdo pátápátá.

Ẹ mú bébà, ká wá irú x bẹ́ẹ̀. Ìlà M sọ pé 2m = e + v. Ìlà K sọ pé 2k = e + v. Nítorí náà m àti k dọ́gba. Ìlà E sọ pé 3e = m + k + v, ìyẹn 3e = 2k + v. Láti ìlà K a mọ̀ pé v = 2k − e; bí a bá fi í sí ipò rẹ̀, 3e = 4k − e, tó túmọ̀ sí pé e = k. Lẹ́yìn èyí v náà di k. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá dọ́gba: m = e = k = v. Ìlà T kò sọ ohunkóhun nípa t rárá, nítorí náà t lè jẹ́ ohun tó bá wù wá.

Ẹ wá ka iye ìgbà tí a ní òmìnira láti yan nọ́ńbà. A yan ẹyọ kan fún M, E, K àti V lápapọ̀. A yan ẹyọ kan fún T. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Òdo méjì ló máa wà nínú iye áígẹ̀n, agbo méjì ló sì wà nínú gíráàfù: gbogbo Èkó tí mọ́tò ń dé, àti Tákwà Béè.

Ẹ lè béèrè pé, ṣé kì í ṣe orí ire ni pé ó bọ́ sí i báyìí? Rárá. Ẹ fi nọ́ńbà ìlà kọ̀ọ̀kan nínú Lx sọ nọ́ńbà ilẹ̀ yẹn nínú x di púpọ̀, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá to ohun tó bá jáde dáadáa, ìyàtọ̀ láàárín orí méjèèjì okùn kọ̀ọ̀kan ló máa kù, tí a ti fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀:

```
xᵀLx = (m-e)² + (e-k)² + (e-v)² + (k-v)² + (v-m)²
```

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó lè kéré ju òdo lọ, ìdí nìyẹn tí iye áígẹ̀n kankan nínú L kò fi lè wà lábẹ́ òdo. Bí Lx bá sì jẹ́ òdo, àròpọ̀ yìí náà jẹ́ òdo, nítorí náà ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo: orí méjèèjì okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Nọ́ńbà yẹn á máa gba orí okùn lọ láti kókó dé kókó títí yóò fi kárí agbo, yóò sì dúró níbi tí okùn ti tán. Agbo kan, nọ́ńbà kan. Iye agbo ni iye nọ́ńbà tí a lè yan láìbá ara wọn jà. Níwọ̀n bí L sì ti bára rẹ̀ mu lápá méjèèjì, iye òmìnira yẹn àti iye ìgbà tí òdo fara hàn láàárín àwọn iye áígẹ̀n kò lè yàtọ̀ síra. Ibi tí gbogbo ẹ̀rí náà wà nìyẹn; ìyókù jẹ́ ìṣirò lásán.

Ẹ ti afárá, kí ẹ wò ó

Àwọn iye áígẹ̀n mátíríìsì òkè yẹn, láti kékeré dé ńlá, ni 0, 0, 2, 4, 4. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 10, bíi ti àwọn nọ́ńbà tó dábùú. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà kan láti mọ̀ pé ẹ kò ṣì í.

Ká ní wọ́n ti afárá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti Mènlándì wọ Erékùṣù Èkó pa lọ́jọ́ kan náà. Okùn M sí E kúrò. M ku okùn kan, E ku méjì. Ẹ tún mátíríìsì kọ. Iye áígẹ̀n di 0, 0, 1, 3, 4. Òdo ṣì jẹ́ méjì! Ẹni tó wà ní Ìkòyí lè máa pariwo pé wọ́n ti gé àwọn kúrò lára Mènlándì, ṣùgbọ́n mátíríìsì náà rántí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ohun tó yí padà ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òdo: ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti 2 sí 1. Agbo náà kò tíì já, àmọ́ okùn tó dì í mú ti tín-ín-rín.

Ká tún wá ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà dí. Okùn V sí M kúrò, ìlà M sì di kìkì òdo. Iye áígẹ̀n di 0, 0, 0, 3, 3. Òdo mẹ́ta, agbo mẹ́ta: Mènlándì lọ́tọ̀, E pẹ̀lú K àti V lọ́tọ̀, Tákwà Béè lọ́tọ̀.

Bí gíráàfù kan bá jẹ́ agbo kan ṣoṣo, òdo kan péré ló máa ní, iye áígẹ̀n kejì ló sì ń sọ bó ṣe lágbára tó. Miroslav Fiedler, onímọ̀ ìṣirò ará Czechoslovakia, ló gbé iye kejì yìí jáde ní 1973. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, Tákwà Béè ló gba òdo kejì, ìdí rèé tí mo fi ń wo ẹ̀kẹta.

Ẹ gbé e fún kọ̀ǹpútà

Fún gíráàfù tó tóbi, kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Páítọ̀nù pẹ̀lú NumPy ti tó:

```python
import numpy as np

ona = [(0,1), (1,2), (1,3), (2,3), (3,0)]   # M E K V T
n = 5
A = np.zeros((n, n))
for i, j in ona:
    A[i, j] = A[j, i] = 1

L = np.diag(A.sum(axis=1)) - A
lam, X = np.linalg.eigh(L)
tol = n * np.finfo(float).eps * lam.max()
c = int((lam <= tol).sum())
print(lam, c)
```

Ẹ lo `eigh`, ẹ má lo `eig`. `eigh` mọ̀ pé mátíríìsì náà bára rẹ̀ mu lápá méjèèjì. Yóò to iye áígẹ̀n láti kékeré lọ sí ńlá, kò sì ní mú nọ́ńbà àjèjì wá. Ẹ kíyè sí `n = 5` pẹ̀lú: ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ti inú àkójọ okùn mọ iye kókó, torí T kò sí nínú okùn kankan, kò sì ní mọ̀ pé ó wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìlà `tol` yẹn, ààlà tí a ó ka nọ́ńbà tí kò bá jù ú lọ sí òdo. Kọ̀ǹpútà kì í sábà gbé òdo gidi jáde. Ó lè kọ `1.3e-16`, ó tilẹ̀ lè kọ `-4e-17`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti rí i pé iye áígẹ̀n L kì í wà lábẹ́ òdo. Èérún ìṣirò nìyẹn. Bí ẹ bá kọ `lam == 0`, agbo lè dín, ó tilẹ̀ lè jẹ́ òdo, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé: gíráàfù tó bá ní kókó kan, ó kéré tán agbo kan wà níbẹ̀.

Ọ̀tá kejì wà ní òdìkejì. Àwọn kan á fi ààlà tó gbòòrò sí i, bíi 1e-5, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá so ẹgbẹ̀rún kókó ní ìlà gbọọrọ kan, ti àkọ́kọ́ mọ́ èkejì, ti èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, títí dé òpin. Agbo kan ni. Ṣùgbọ́n iye áígẹ̀n kejì rẹ̀ ni 2 − 2cos(π/1000), tó jẹ́ nǹkan bí 9.87e-6. Ó kéré ju 1e-5 lọ, nítorí náà ètò náà á kà á sí òdo, á sì sọ fún yín pé agbo méjì ló wà. Irọ́ ni. Gíráàfù gígùn tó tín-ín-rín, irú bí ọ̀nà rélùwéè, ló máa ń dá irú èyí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíráàfù tí okùn kan nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré gidi gan-an.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni kí n tẹ iye áígẹ̀n mẹ́wàá àkọ́kọ́ jáde, kí n sì wo ibi tí wọ́n ti fò. Òdo tòótọ́ máa ń kó ara wọn jọ sí àyíká 1e-16 tàbí 1e-15, lẹ́yìn náà nọ́ńbà á fò lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí 1e-16 tí 9.87e-6 tẹ̀ lé e, ìfò yẹn ti fi hàn pé òdo kan ló wà. Bí ìfò náà kò bá hàn kedere, iyèméjì gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn yín; ẹ jẹ́ kí `scipy.sparse.csgraph.connected_components` tún un kà. Irinṣẹ́ yẹn kò mọ iye áígẹ̀n kankan, ṣe ló ń tọ okùn kiri, èérún ìṣirò kò sì kàn án.

Kí n sọ òótọ́: bó bá jẹ́ iye agbo nìkan lẹ fẹ́, títọ okùn kiri yára jù. Bí kókó bá jẹ́ n, ìwá iye áígẹ̀n mátíríìsì tí a kọ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ń ná wa tó n × n × n. Bí kókó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, iṣẹ́ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ohun tí iye áígẹ̀n fún wa lé ni ohun tí a rí nígbà tí a ti afárá pa: ó sọ iye agbo, ó sì tún sọ bí agbo ṣe sún mọ́ jíjá tó.

Ta ló wà nínú agbo wo?

Inú `X` ni `eigh` kó àwọn fẹ́kítọ̀ sí, òpó kan fún iye áígẹ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àwọn òpó àkọ́kọ́ níbẹ̀, iye òpó tó bá `c` mu:

```python
print(X[:, :c].round(6))
```

Ẹ má retí pé ẹ ó rí 1 fún agbo kan àti 0 fún òmíràn. Kọ̀ǹpútà lè po àwọn fẹ́kítọ̀ òdo pọ̀ bó ṣe fẹ́, èyíkéyìí tó bá gbé jáde tọ́. Ohun tí kò lè yí padà ni pé ìlà àwọn kókó inú agbo kan náà máa bára wọn mu láti òpó dé òpó. Nígbà tí afárá àti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ti tì, ìlà E, K àti V á jọra pátápátá. Ìlà M á yàtọ̀, ti T náà á yàtọ̀.

Àwọn ibi tí ìkà ti ń ṣìnà

Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn ka òdo nínú iye áígẹ̀n A, mátíríìsì inú kóòdù òkè yẹn tó kàn ń kọ 1 níbi tí okùn bá wà, dípò ti L. Ó rọrùn láti ṣe é, ó sì burú nítorí pé ó lè bọ́ sí i nígbà míràn. A ti gíráàfù Èkó wa àkọ́kọ́ ní òdo méjì, agbo sì jẹ́ méjì, ẹ lè rò pé ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òdo kan níbẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ M àti K, tí àwọn aládùúgbò wọn jẹ́ E àti V kan náà. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú agbo. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà Mènlándì ti tì, iye áígẹ̀n A di 2, −1, −1, 0, 0: òdo ṣì jẹ́ méjì, agbo sì ti di mẹ́ta.

Èkejì ni ọ̀nà tí a ń gbà lọ tí a kò lè gbà padà. Bí okùn bá ní apá kan ṣoṣo, L kò bára rẹ̀ mu mọ́, gbogbo ẹ̀rí òkè yẹn sì dà nù. Bó bá jẹ́ agbo lásán lẹ fẹ́, ẹ sọ okùn di alápá méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n orí okùn kò léwu, bí ó bá ti ju òdo lọ. Ẹ lè fi 3 sórí okùn M sí E nítorí afárá mẹ́ta: −3 á wọ ipò −1, nọ́ńbà tó wà fún M àti E lórí ìlà ìdábùú á sì fi 2 lé sí i. Iye áígẹ̀n tó ju òdo lọ á yí padà, àwọn òdo kò ní lé, wọn kò ní dín. Ìwọ̀n tó bá wà lábẹ́ òdo ló léwu, torí àròpọ̀ ìyàtọ̀ yẹn lè wá já sí òdo láìjẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo.

Ìkẹyìn kan àwọn tó ń lo oríṣi L tí wọ́n fi iye okùn kókó kọ̀ọ̀kan pín. Iye òdo rẹ̀ bá ti L lásán mu, àfi ní ọ̀dọ̀ kókó tó dá wà. Iye okùn T jẹ́ òdo, kò sì sẹ́ni tó lè fi òdo pín nǹkan. Bí ètò yín bá fi 1 sí ipò T lórí ìlà ìdábùú, Tákwà Béè á pòórá nínú ìkà. 0 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú gíráàfù kékeré tí kókó kan dá wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ gidi lé e.